Ogún ní gbogbo bẹ́ẹ̀dì

Ọ̀sẹ̀ kejì tí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan dé wọ́ọ̀dù wa ni mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò bá aláìsàn pàdé nìyẹn. Ó ti yẹ ènìyàn mẹ́jọ wò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìgbóná ara wọn yàtọ̀ síra, ìfúnpá wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n 20 ló kọ fún mímí gbogbo wọn. Ènìyàn mẹ́jọ kì í mí bákan náà.

Ilé ẹ̀kọ́ ló ń fún wọn ní ìwé yìí kí wọ́n tó wọ wọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: bóyá akẹ́kọ̀ọ́ kàn wò ó ni, bóyá ó bá wọn ṣe é, tàbí ó ṣe é fúnra rẹ̀ lójú nọ́ọ̀sì àgbà. Ọjọ́ tó ṣe é wà níbẹ̀, àyè ìfọwọ́sí náà wà. Lẹ́yìn èyí ni ojú ewé òfìfo tí yóò ti kọ ohun tó rí àti ohun tó rò nípa rẹ̀. Ojú ewé òfìfo yìí ló ń le jù fún wọn.

Mo pe ọmọ náà, a sì jọ lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ní òtútù àyà. Mo ní kó di ọrùn ọwọ́ bàbá mú bí ẹni tó ṣì ń ka ìlùkìkì iṣan, kó sì máa wo àyà rẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun lè yí i padà láìmọ̀. Àyà gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Mo ní kó kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹni tó bá ka ìṣẹ́jú-àáyá 15 tó wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, tó bá ṣi ẹyọ kan kà, mẹ́rin ló ṣì.

Ó ka 28. Àgbàlagbà tó ń sinmi sábà máa ń mí láàárín 12 sí 20.

Kò sí ẹni tó rántí ìwé lásìkò yẹn. A gbé bàbá jókòó dáadáa, mo ránṣẹ́ pe dókítà, a wo ìwọ̀n ọ́síjìn rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ọ́síjìn. A tún mímí àwọn méje yòókù kà, a sì tún ṣáàtì wọn ṣe: a fa ìlà kan ṣoṣo sórí èyí tó ṣì, kó ṣì ṣeé kà, a kọ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì fọwọ́ sí i. Ṣáàtì aláìsàn ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́.

Nírọ̀lẹ́ ó mú ìwé rẹ̀ wá. Ó kọ ọ́ pé: “Lónìí mo kọ́ pé mímí ṣe pàtàkì. Màá túbọ̀ fara balẹ̀.” N kò fọwọ́ sí i. Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, ní ọjọ́ èyíkéyìí.

Ní 1988, Graham Gibbs gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń lò títí di òní: kí ló ṣẹlẹ̀, báwo ló ṣe rí lára rẹ, kí ló dára níbẹ̀ àti kí ni kò dára, kí ló fà á, kí lo ì bá ti ṣe, kí lo máa ṣe nígbà mìíràn. “Kí ló fà á” ni wọ́n sábà máa ń fò. Mo bi í léèrè ẹyọ kan yẹn. Ó dákẹ́ pẹ́.

“Sístà, ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá kọ ọ́, ẹ máa fi já mi kulẹ̀.”

Ẹ̀bi tiwa lèyí. Ó yẹ ká ti sọ fún un lọ́jọ́ tó dé pé àṣìṣe tó bá kọ́kọ́ fi tó wọ́ọ̀dù létí, tó sì kọ sílẹ̀ lóòótọ́, a kò ní fi yọ máàkì rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìfọwọ́sí bá ń lé kiri yóò kọ ohun tó rò pé a fẹ́ kà.

Ó tún un kọ, kò sì fi orúkọ bàbá síbẹ̀, kò fi nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì tàbí ti fáìlì síbẹ̀: “Mo yẹ bàbá kan tó ní òtútù àyà wò. N kò ka mímí rẹ̀. Mo wo ohun tí wọ́n kọ lálẹ́ àná, mo sì dà á kọ, nítorí aláìsàn mẹ́jọ wà lọ́wọ́ mi, mo sì rò pé ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ń mí dáadáa. Nígbà tí mo kà á, 28 ni. Ojú tì mí. Bàbá ń dánu dúró láàárín ọ̀rọ̀, mo rí i, n kò mọ̀ pé àmì ni. Láti ọ̀la, mo máa ka mímí kí n tó wo èyí tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀.”

Mo fọwọ́ sí ojú ewé yẹn. Ìlà mímí kíkà ni n kò tíì fọwọ́ sí, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré ló tíì ṣe é dáadáa lójú mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣáàtì tó gbé wá bá mi ní 17, 22, 19, 16.