Séfínsì tàbí Kọ́rẹ́ǹtì: Èwo Ló Yẹ Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Gba Owó Oṣù?

Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní nọ́ńbà àkáǹtì kí owó oṣù tó wọlé. Irú èyí tí òṣìṣẹ́ báńkì bá kọ́kọ́ dárúkọ ni ọ̀pọ̀ ń gbà, bẹ́ẹ̀ òfin séfínsì yàtọ̀ sí ti kọ́rẹ́ǹtì.

Owó tí a fẹ́ tọ́jú ni séfínsì wà fún, nítorí náà báńkì gbọ́dọ̀ san èlé lórí rẹ̀. Láti ọdún 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé èlé yìí kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 30 nínú 100 iye èlé tí òun fúnra rẹ̀ ń kéde. Àmọ́ ẹni tó bá yọwó ju ìgbà mẹ́rin lọ láàárín oṣù kan ti pàdánù èlé oṣù náà.

Owó tó ń wọlé tó ń jáde ni kọ́rẹ́ǹtì wà fún. Iye ìgbà tó bá wuni la lè yọwó níbẹ̀. Báńkì ń fúnni ní ìwé sọ̀wédowó, ó sì lè gbà kí oníbàárà ná kọjá ohun tó ní, kó san án padà pẹ̀lú èlé. Ṣùgbọ́n báńkì sábà máa ń béèrè ẹni méjì tó ní kọ́rẹ́ǹtì láti jẹ́rìí sí ẹni tó fẹ́ ṣí i, ó sì lè gba tó náírà kan lórí 1,000 náírà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Bọ́lá ń gba 150,000 náírà lóṣù, tó ń fi 100,000 ránṣẹ́ fún onílé, oúnjẹ àti àwọn òbí rẹ̀. Bó bá lo kọ́rẹ́ǹtì, báńkì lè yọ 100 náírà lóṣù. Bó bá lo séfínsì, kò ní san owó yẹn, àmọ́ káàdì rẹ̀ lè ná an ní 50 náírà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ní November 2024, èlé Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ 27.5, èlé tó kéré jù lórí séfínsì sì jẹ́ 8.25 nínú 100 lọ́dún. 50,000 náírà tó kù yóò mú nǹkan bí 340 náírà wá lóṣù. Ṣùgbọ́n bí Bọ́lá bá fi owó ránṣẹ́ nígbà mẹ́wàá láti inú séfínsì kan náà, èlé yẹn lọ nìyẹn. Ohun tí yóò fi mọ̀ ni pé kò ní rí èlé kankan nínú àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀ ní ìparí oṣù.

Nítorí náà, séfínsì méjì ló yẹ òṣìṣẹ́ tuntun: ọ̀kan fún ìnáwó, èkejì fún èyí tí a kò ní fọwọ́ kàn. Ọjọ́ tí owó bá wọlé gan-an ni kí ẹ gbé ti ìtọ́jú kúrò. Ẹ fi kọ́rẹ́ǹtì sílẹ̀ dìgbà tí ẹ bá ń ṣòwò tàbí tí ẹ nílò sọ̀wédowó.