Ìwọ̀n Àwòṣe fún Ohun Dídà: Ìṣirò Àfikún Fífá, Ìsúnkì àti Ìdagẹ̀rẹ̀ lórí Búṣì Alumíníọ́mù

1.0 Ìfáárà

Ẹni tí ó bá fẹ́ da ohun èlò kan nínú iyanrìn ní láti kọ́kọ́ ṣe àwòṣe rẹ̀, èyí tí a sábà máa ń fi igi gbẹ́. A ó ki iyanrìn mọ́ àwòṣe náà lára nínú àpótí, a ó sì fà á yọ. Ihò tí ó bá fi sílẹ̀ ni a ó da alumíníọ́mù yíyọ́ sí. Àwòṣe kì í bá ohun èlò tí a fẹ́ lò dọ́gba, nítorí pé ohun tí a dà yóò sún kì bí ó ti ń tutù, a ó fi ẹ̀rọ fá ojú rẹ̀, àwòṣe sì gbọ́dọ̀ ṣeé fà yọ láìba iyanrìn jẹ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé iye tí a ń fi kún un nìkan kọ́ ni ó ṣòro. Apá ibi tí a ń fi í sí gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà.

Àpẹẹrẹ wa ni búṣì kan tí a ó fá gbogbo ojú rẹ̀. Ìdábùú rẹ̀ lóde, ìyẹn láti etí kan dé èkejì, jẹ́ mìlímítà 120. Ìdábùú ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 60. Gíga rẹ̀ sì jẹ́ 80.

2.0 Àfikún Fífá

Ẹ jẹ́ kí a fi mìlímítà 3 sílẹ̀ fún ẹ̀rọ léèsì ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ìdábùú ní ẹ̀gbẹ́ méjì, nítorí náà 6 ni yóò kan án. Ìdábùú òde di 126, gíga sì di 86. Ṣùgbọ́n inú ihò ni a ti ń fá alumíníọ́mù kúrò kí ihò lè fẹ̀ sí i; nítorí náà, kí ó tó dé ẹ̀rọ, ó gbọ́dọ̀ kéré: 60 − 6 = 54. Ní ibí yìí, àfikún di àyọkúrò.

3.0 Àfikún Ìsúnkì

Nígbà tí alumíníọ́mù ṣì ń yọ́ àti nígbà tí ó ń dì, ó ń sún kì. Alumíníọ́mù yíyọ́ tí a fi pamọ́ sí ihò àfikún lórí àpótí ni yóò dí àlàfo ìyẹn. Ìsúnkì tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti dì tán ni àwòṣe gbọ́dọ̀ gbà rò. Fún alumíníọ́mù, a sábà máa ń lo nǹkan bí ìdá 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti irin dídà eléérú jẹ́ nǹkan bí ìdá 1.

Òde: 126 × 1.013 = 127.6
Gíga: 86 × 1.013 = 87.1
Ihò: 54 × 1.013 = 54.7

Ẹ kíyè sí i pé a sọ ihò di púpọ̀ níbí. Àwọn kan rò pé ihò yóò fẹ̀ bí alumíníọ́mù tí ó yí i ká bá ń sún kì. Kò rí bẹ́ẹ̀: gbogbo òrùka náà ni ó ń kéré pọ̀, àti ihò rẹ̀. Síbẹ̀, bí iyanrìn àárín bá le jù, ó lè dí ìsúnkì ihò lọ́wọ́.

4.0 Ìdagẹ̀rẹ̀

Bí ẹ̀gbẹ́ àwòṣe bá dúró ṣánṣán, yóò máa ha iyanrìn ní gbogbo ìgbà tí a bá ń fà á. Etí iyanrìn tí ó ń wó ni àmì rẹ̀. A ó lo dígírì 1 lóde, àti dígírì 2 nínú ihò, nítorí pé òpó iyanrìn tí ó dá dúró ní àárín tètè máa ń ṣẹ́.

Òde: 87.1 × tan 1° = 1.5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan
Ihò: 87.1 × tan 2° = 3.0 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan

Ní ojú tí a ti ń fa àwòṣe jáde, ìdábùú òde yóò jẹ́ 127.6 + 3.0 = 130.6, ihò yóò sì jẹ́ 54.7 − 6.0 = 48.7. Ní ìdí àwòṣe, wọn yóò wà ní 127.6 àti 54.7. Báyìí, kò sí ibi tí alumíníọ́mù ti kéré ju èyí tí a nílò lọ.

5.0 Àṣìṣe Méjì àti Ohun tí Ọ̀kọ̀ọ̀kan Ń Náni

Ẹni tí ó bá yọ ìsúnkì kúrò lára ihò, dípò kí ó fi kún un, yóò ní ihò tí ó kéré díẹ̀. Léèsì yóò kàn pẹ́ sí i lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó bá fi 6 kún ihò yóò gbẹ́ ihò àwòṣe sí 66 × 1.013 = 66.9. Ihò búṣì tí ó dà yóò jẹ́ 66, bẹ́ẹ̀ 60 ni a fẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè dá alumíníọ́mù náà padà. Yíyọ́ ni a ó tún un yọ́. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbẹ́ igi, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè nípa ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan bóyá yóò fi ohun tí a ó fá sílẹ̀.

6.0 Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé fífá a máa sọ òde di ńlá, a sì máa sọ ihò di kékeré. Pé ìsúnkì a máa sọ gbogbo ìwọ̀n di ńlá. Àti pé ìdagẹ̀rẹ̀ a máa fi alumíníọ́mù kún òde àti inú ihò. Ìdá 1.3 kì í ṣe òfin tí kò yẹ̀: irú alumíníọ́mù àti líle iyanrìn lè yí i padà. Ó yẹ kí a wọn búṣì àkọ́kọ́ kí ó tó dé léèsì, kí a sì tún àwòṣe ṣe bí ó bá yẹ.