Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Pẹ̀lú Àbùdá Kan Ṣoṣo

Ẹ̀kọ́ àbùdá ní ìpele mólékù ń ṣàlàyé bí ohun tó wà lára DNA ṣe ń di purotéènì, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí àṣìkọ bá wọ inú rẹ̀. Bí ìdánwò rẹ̀ ní yunifásítì bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, àyè kò sí mọ́ láti tún ìwé kà láti páálí dé páálí. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mú àbùdá kan, kó sì máa tẹ̀ lé e láti orí ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ní Nàìjíríà, àbùdá HBB ló yẹ jù, nítorí àṣìkọ inú rẹ̀ ló ń fa àrùn fọ̀níkúfọ̀ladìde, ta ni kò sì tíì gbọ́ AA, AS àti SS?

Ọjọ́ kìíní kì í ṣe ti ìwé kíkà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò pa ìwé dé, yóò dáhùn ìbéèrè ọdún tó kọjá, yóò sì máàkì ara rẹ̀. Ibi tó bá ti kùnà ni yóò gba àkókò jù.

Ọjọ́ kejì sí ìkẹrin jẹ́ ti bí DNA ṣe ń di méjì. Àyẹ̀wò tí Meselson àti Stahl gbé jáde ní 1958 ló yẹ kó mọ̀ ọ́n yà láìwo ìwé. Wọ́n fi naitirójìn wíwúwo bọ́ kòkòrò E. coli, wọ́n sì gbé e sínú èyí tó fúyẹ́. Lẹ́yìn ìpín àkọ́kọ́, gbogbo DNA wà láàárín wíwúwo àti fífúyẹ́. Lẹ́yìn èkejì, ìdajì wà láàárín, ìdajì fúyẹ́. Olùkọ́ tó bá fẹ́ mọ ẹni tó há a sórí lásán yóò béèrè ìpín kẹta: ìdá mẹ́rin kan wà láàárín, mẹ́ta tó kù fúyẹ́.

Ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje ló ṣòro jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù máàkì. Ègé kékeré yìí wá láti ara HBB tí kò ní àléébù:

```
5'-CCT GAG GAG-3'
3'-GGA CTC CTC-5'
```

Okùn ìsàlẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ń dà kọ, nítorí náà mRNA yóò jọ okùn òkè, àyàfi pé U rọ́pò T: CCU GAG GAG. Lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta ni ráíbósómù ń kà: pùrólíìnì, glutámíìkì, glutámíìkì. Bí A tó wà nínú GAG àkọ́kọ́ lókè bá di T, mRNA di CCU GUG GAG, fálíìnì sì gba ipò glutámíìkì àkọ́kọ́. Gbogbo àṣìkọ náà kò ju èyí lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ka okùn ìsàlẹ̀ láti ọwọ́ òsì bí ẹni pé mRNA ni. Ẹni tó bá rí lusíìnì nínú ìdáhùn rẹ̀ ti ṣe é nìyẹn. Ìwé mìíràn tún ń pe ibẹ̀ ní ipò kẹfà, òmíràn ní ìkeje. Méjèèjì tọ̀nà: metióníìnì tó ṣáájú, tí sẹ́ẹ̀lì ń gé kúrò, ni ìkejì kà mọ́ ọn.

Ọjọ́ kẹjọ àti ìkẹsàn-án ni ti ìdarí àbùdá. HBB yóò sinmi díẹ̀, nítorí ọ́pẹ́rọ́ọ̀nù lac ti E. coli ni ìdánwò fẹ́ràn. Àbùdá lacI ń ṣe purotéènì tó dà bí ọdẹ tí ń ti ilẹ̀kùn. LacO ni ilẹ̀kùn náà. Bí ọdẹ bá bàjẹ́, ọdẹ mìíràn tó wá láti ara DNA kejì lè wá tì í, nítorí ọdẹ ń rìn. Bí ilẹ̀kùn bá bàjẹ́, ilẹ̀kùn ilé kejì kò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá di ìyàtọ̀ yìí mú kò ní há tábìlì kankan sórí.

Ọjọ́ kẹwàá àti ìkọkànlá padà sórí HBB nínú ilé àyẹ̀wò. PCR ń sọ ègé kan di ọ̀pọ̀lọpọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ́ńsáìmù DdeI ń gé e níbi tó bá ti rí CTNAG, tí N jẹ́ lẹ́tà yòówù. CTGAG wà nínú ègé òkè yẹn. Nínú ti àrùn, ó ti di CTGTG, ẹ́ńsáìmù kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Bí kò bá sí ibòmíràn tó lè gé, AA yóò fi ìlà méjì hàn lórí jẹ́ẹ̀lì, SS ìlà kan, AS mẹ́ta.

Ọjọ́ kejìlá jẹ́ ti àtúnṣe ohun tó kùnà ní ọjọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kẹtàlá, kó jókòó ti odidi ìdánwò kan pẹ̀lú aago. Ọjọ́ kẹrìnlá kò gba orí ẹ̀kọ́ tuntun kankan: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ègé HBB náà láti orí lẹ́ẹ̀kan, kó túmọ̀ rẹ̀, kó sì tètè lọ sùn.