Ṣé o mọ̀? Ọ̀pọ̀ PDF kò ní tábìlì nínú

Tábìlì tí ojú ń rí nínú ọ̀pọ̀ fáìlì PDF kì í ṣe tábìlì: lẹ́tà, nọ́ńbà àti ìlà lásán ni, tí a to sójú ìwé. Tí a bá gbé e wọ Excel, àlàfo àárín wọn ló fi ń mọ òpó.

Àpótí tí a pa pọ̀ ló sábà ń dà á rú. Bí orúkọ ìpínlẹ̀ kan bá wà níwájú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ló máa ń gbé e. Ìyókù á ṣófo. Tí a bá wá to orúkọ wọn ní a-b-d, Ìrẹ́pọ̀dùn ti Ìlobù ní Ọ̀ṣun á dàpọ̀ mọ́ Ìrẹ́pọ̀dùn ti Òmù-Àrán ní Kwara.

Kí a tó tò ó, `Transform > Fill > Down` nínú Power Query ló ń dí àlàfo náà. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀ṣun gbọ́dọ̀ ní ìlà 30, Kwara 16.