Ìlànà Ìpín-Ọ̀tọ̀ àti Ìlànà Àtúnwọ̀n Nínú Ìdánwò Ìtọ́wò Gàrí ní Agbègbè Ìbàdàn

1. Ìfáàrà

Ní ọdún 2011 ni ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí irú ẹ̀gẹ́ mẹ́ta tí inú wọn pupa rúsúrúsú nítorí èròjà tí ara ń sọ di fítámì A. Kí àgbẹ̀ kan ní Akínyẹlé tàbí Ọ̀nà-Àrà tó fi oko rẹ̀ sílẹ̀ fún irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó mọ̀ bóyá àwọn tí gàrí funfun ti mọ́ lẹ́nu yóò ra gàrí pupa. Ìdánwò ìtọ́wò ni ó lè dáhùn ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n bí ètò rẹ̀ bá wọ́, yóò ṣi àgbẹ̀ náà lọ́nà.

2. Ìlànà méjèèjì

Nínú ìlànà ìpín-ọ̀tọ̀, ìbò ni olùwádìí fi ń pín àwọn olùtọ́wò sí ọ̀wọ́ méjì. Ọ̀wọ́ kan tọ́ gàrí funfun wò, èkejì tọ́ pupa. Kò sí bí gàrí kan ṣe lè ba èkejì jẹ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹnu kò dọ́gba: ọlọ́wọ́ títẹ́ lè fún gàrí gbogbo ní máàkì 8 nínú 9, kí aláìmọ̀ọ́yìn fún wọn ní 4. Ìyàtọ̀ àárín àwọn ènìyàn yìí a máa bo ìyàtọ̀ àárín gàrí mọ́lẹ̀, àfi bí olùtọ́wò bá pọ̀ gan-an.

Nínú ìlànà àtúnwọ̀n, ẹnì kọ̀ọ̀kan tọ́ méjèèjì wò, a sì yọ máàkì ọ̀kan kúrò nínú ti èkejì. Ìwà ọlọ́wọ́ títẹ́ wà nínú máàkì méjèèjì, nítorí náà ó ti bá ìyọkúrò lọ. Ìdí nìyí tí ènìyàn díẹ̀ fi tó. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ni yóò ṣáájú, ọ̀kan ni yóò kẹ́yìn, ebi ti èkejì bá kò sì tó ti èkíní.

3. Ìpààrọ̀ ipò

Ká ní adùn gàrí méjèèjì dọ́gba, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ fún máàkì 6, ṣùgbọ́n tí èyí tí ó bá kẹ́yìn ń pàdánù máàkì 1. Bí gbogbo olùtọ́wò ní Làlúpọn bá tọ́ funfun wò ṣáájú, funfun yóò gba 6, pupa yóò gba 5. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí èsì náà yóò ní pupa kò dùn tó, bẹ́ẹ̀ ipò ni ó jẹ̀bi.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ìdajì wọn fi funfun ṣáájú, kí ìdajì yòókù fi pupa ṣáájú. Funfun yóò gba 6 àti 5, pupa yóò gba 5 àti 6; 5.5 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpààrọ̀ ipò kò pa àdánù náà rẹ́. Ó kàn pín in dọ́gba-dọ́gba ni. Bí gàrí bá jẹ́ mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n lè gbà tẹ̀lé ara wọn, nítorí náà ènìyàn 24 yóò pín sí mẹ́rin-mẹ́rin lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

4. Ibi tí ìpààrọ̀ ipò kò dé

Ká ní gàrí funfun náà kan gan-an, tí pupa tí ó bá tẹ̀ lé e pàdánù máàkì 3, tí funfun tí ó tẹ̀ lé pupa sì pàdánù 1 péré. Funfun yóò gba 6 àti 5, pupa yóò gba 6 àti 3. Ìṣirò yóò wá jẹ́ 5.5 sí 4.5 láìka ìpààrọ̀ ipò sí, nítorí pé àdánù méjèèjì kò dọ́gba.

Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n ni kí olùwádìí ya máàkì gàrí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ tọ́ wò sọ́tọ̀. Ìlànà ìpín-ọ̀tọ̀ ni ìyẹn jẹ́. Níhìn-ín, 6 sí 6 ni wọ́n jẹ́. Bí ìyàtọ̀ ti ipò kìíní kò bá jọ ti ipò kejì, kíkan ẹnu ni kí ó fura sí. Omi ìfọ̀nù àti ìsinmi lè mú un dínkù. Bí kò bá tó, kí gàrí kejì di ọjọ́ kejì.

Ohun kan tún wà tí omi kò lè fọ̀, èyíinì ni ọ̀rọ̀ tí etí ti gbọ́. Ẹni tí ó ti gbọ́ pé gàrí pupa ń ṣe ojú ọmọ lóore kò lè padà di aláìgbọ́. Nínú ìwádìí lórí gàrí pupa ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ímò tí Oparinde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2016, ìlànà méjèèjì ni wọ́n pa pọ̀: olùkópa kan náà ṣe ìdájọ́ irú gàrí tí ó ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn kan gbọ́ àlàyé nípa oore rẹ̀, àwọn mìíràn kò gbọ́. Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá wọ abúlé Lagelu tàbí Ẹ̀gbẹ̀dá, abúlé ni kí ìbò pín, kì í ṣe agboolé, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a sọ ní agboolé kan kì í pẹ́ dé èkejì. Iye abúlé ni yóò wá ṣe pàtàkì jù, kì í ṣe iye ènìyàn nìkan.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ìlànà àtúnwọ̀n yẹ ohun tí ipa rẹ̀ ń tán kí èkejì tó dé, ìpààrọ̀ ipò sì ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Èyí tí ipa rẹ̀ kì í tán, ìpín-ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀.