Kí Ẹ Tó Sanwó Adójútòfò, Ẹ Mọ Ẹni Tó Ń Ṣojú Yín

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá aláṣọ kan ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn, ra adójútòfò iná fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Orí fóònù ló ti rà á tààrà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Nígbà tí wọ́n bi í pé èló ni ọjà rẹ̀, ó kọ mílíọ̀nù 4 náírà, kí owó tí yóò san lè dín kù. Bẹ́ẹ̀, ọjà tó wà nílẹ̀ tó mílíọ̀nù 8. Iná wá jó aṣọ mílíọ̀nù 2. Ìyá rò pé òun yóò gba mílíọ̀nù 2 náà pé, ṣebí kò tíì tó iye tí òun kọ. Mílíọ̀nù 1 ni wọ́n san fún un.

Wọn kò rẹ́ ẹ jẹ. Ó wà nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ pé ẹni tó bá sanwó lórí ìdajì ọjà rẹ̀, ìdajì òfò náà ni ilé-iṣẹ́ yóò bá a gbé. Ohun tí ìyá yìí kò ní ni ẹni tí yóò jókòó tì í, tí yóò sọ èyí fún un kó tó sanwó.

Iṣẹ́ bírókà nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ ra adójútòfò ni bírókà ń ṣojú fún, kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Yóò wá wo ṣọ́ọ̀bù, yóò bi yín bóyá ẹ ń tọ́jú epo jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀, yóò sì gba iye owó wá lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ bíi mẹ́ta kí ẹ lè mú èyí tó dára jù. Bí òfò bá ṣẹlẹ̀, òun ni yóò kó ìwé jọ, tí yóò sì bá ilé-iṣẹ́ fà á títí owó yóò fi jáde. Inú owó tí ẹ san ni ilé-iṣẹ́ ti ń yọ kọ́míṣàn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ní kó fi iye tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pè hàn yín lórí ìwé, kó má baà jẹ́ pé ibi tí kọ́míṣàn ti pọ̀ ló ń tì yín sí. Òfin adójútòfò ọdún 2003, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di 2025, tún sọ pé owó tí bírókà bá gbà lọ́wọ́ yín, bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ ló gbà á ni.

Ẹ́jẹ́ǹtì yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó rán an níṣẹ́ ló ń bá tajà. Ó lè jẹ́ ará àdúgbò yín, kó sì mọ ọjà náà dunjú, àmọ́ kò sí lórí ìjókòó láti sọ fún yín pé ti ilé-iṣẹ́ kejì sàn ju tiwọn lọ. Ibi tó ti máa ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣubú ni fọ́ọ̀mù. Òfin ọdún 2003 yẹn kan náà sọ nígbà náà pé bí ẹ́jẹ́ǹtì bá bá yín kọ fọ́ọ̀mù, yín ló ń ṣojú fún nínú kíkọ náà. Bó bá kọ pé kò sí epo ní ṣọ́ọ̀bù, tí epo sì wà níbẹ̀, ó lè di pé ẹ̀yin lẹ kọ irọ́ yẹn, ó sì lè ba owó yín jẹ́ lọ́jọ́ òfò. Ẹ ka gbogbo ìdáhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì san owó sínú àkáǹtì ilé-iṣẹ́, kì í ṣe ti ẹ́jẹ́ǹtì.

Ríra tààrà náà ní ibi tó dára sí. Ẹ wo adójútòfò ọkọ̀ tí òfin pọn dandan, èyí tó ń sanwó fún ẹni tí ọkọ̀ yín bá kọlù. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kíní ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ tó ń mójútó adójútòfò ní Nàìjíríà, ti sọ ọ́ di 15,000 náírà fún ọkọ̀ ara ẹni, tí owó ohun ìní tí ọkọ̀ bá bà jẹ́ sì lè tó mílíọ̀nù 3. Iye kan náà ni lọ́wọ́ gbogbo ilé-iṣẹ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ bá yín dúnàádúrà. Ẹni tó bá ní òun yóò ṣe é ní 5,000, ayédèrú ìwé ló fẹ́ tà. Lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó, ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín sí askniid.org. Bí kò bá jáde níbẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó gba owó yín kíákíá.

Ohun tí mo gbà níyànjú nìyí: bí iye owó bá ti dúró sójú kan, tí ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù kò sì pọ̀, ẹ rà á tààrà. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ilé ìkẹ́rù tàbí ilé-iṣẹ́ ni, ẹ wá bírókà tó ní ìwé àṣẹ NAICOM. Bó bá sì jẹ́ ẹ́jẹ́ǹtì tí ẹ fọkàn tán ló wá bá yín, ẹ gbọ́ tirẹ̀, àmọ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ fọ́ọ̀mù náà, kí ẹ sì kọ iye tí ọjà yín tó gan-an.