Dáṣíbọ́ọ̀dù Tó Ń Pe Àná Ní Òní

Apòògùn ló kọ́kọ́ figbe ta. Ó wọlé bá obìnrin tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Íbàdàn, ó ní, "Àǹtí Dátà, oògùn ibà ti tán o." Àǹtí Dátà ò kọ́kọ́ gbà. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i kó fúnra rẹ̀ wò ó. Dáṣíbọ́ọ̀dù ní aláìsàn 23 ni àyẹ̀wò ń fi ibà hàn lára wọn lọ́sẹ̀ kan. Páálí oògùn 120 ni wọ́n sì gbà wọlé níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà. Bí aláìsàn kọ̀ọ̀kan bá gba páálí kan, ó yẹ kó gbé wọn kọjá ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n ṣì wà. Kí á má parọ́, ohun tó sọ sí ọ̀pọ̀ lọ́kàn ni pé ẹnì kan ń kó oògùn lọ sílé.

Àǹtí Dátà ní kí wọ́n gbé rẹ́jísítà wá, ìwé gàgàrà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ kọ. Ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ka àwọn tí àyẹ̀wò fi ibà hàn lára wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá: 41. Òjò ti dé, ẹ̀fọn ti pọ̀, ibà sì ti gbòde. Ní 41 lọ́sẹ̀, páálí 120 ò lè pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sólè níbẹ̀. Iye tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ti oṣù Karùn-ún ni.

Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Iṣẹ́ méjì ló ń lọ lóru nínú kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Ní aago mọ́kànlá, ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn á da àkọsílẹ̀ sínú fáìlì kan. Tó bá di ọ̀gànjọ́, ètò kejì á ṣí fáìlì yẹn, á ka ohun tó wà níbẹ̀, á sì gbé e sójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí oṣù Karùn-ún ń parí lọ, wọ́n pààrọ̀ páásìwọ́ọ̀dù, wọn ò sì rántí fi tuntun sínú ètò àkọ́kọ́. Láti òru ọjọ́ náà ni ò ti rí nǹkan kan dà mọ́. Ṣùgbọ́n fáìlì àtijọ́ ò kúrò níbi tó wà. Ètò kejì dé, ó bá fáìlì nílẹ̀, ó kà á, ó parí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó béèrè ọjọ́ orí fáìlì.

Ẹ lè ní ṣé kò yẹ kí ọ̀sẹ̀ tuntun ṣófo ni. Ìbá ṣófo, ká ní láti òní ni ètò náà ti ń ka ọjọ́ méje padà sẹ́yìn. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn nínú fáìlì ló ń kà láti ibẹ̀. Ọjọ́ méje kan náà ló wá ń gbé jáde lálaalẹ́. Lókè dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n kọ `Last updated`, ọjọ́ òní sì wà níwájú rẹ̀, nítorí pé àkókò tí ètò ṣiṣẹ́ ló ń kọ síbẹ̀. Lójú tèmi, ìlà kékeré yẹn ló ṣe jàǹbá jù. Ká ní kò sí níbẹ̀ rárá, ẹnì kan ì bá ti fura. Ètò àkọ́kọ́ kúkú ń fi ìméèlì kéde pé òun ò ríṣẹ́ ṣe, àdírẹ́sì ọmọkùnrin tó ṣètò rẹ̀ ló ń lọ, ọmọkùnrin ọ̀hún sì ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ilé ìwòsàn kékeré nìkan kọ́ lọ̀ràn yìí kàn. DHIS2, tí Nàìjíríà fi ń kó iye ètò ìlera jọ káàkiri ìjọba ìbílẹ̀, náà kì í gbé ohun tí èèyàn tẹ̀ sínú rẹ̀ lọ sójú dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n sábà máa ń ṣètò sí òru, tó ń to iye wọ̀nyẹn sínú àtẹ mìíràn, àtẹ yẹn sì ni dáṣíbọ́ọ̀dù ń kà. Bí iṣẹ́ òru yẹn bá kọṣẹ́, ohun tí wọ́n tò kẹ́yìn ni ẹ ó ṣì máa rí.

Àtúnṣe tí Àǹtí Dátà ní kí wọ́n ṣe ò gba owó. Ọjọ́ tí aláìsàn tó gbẹ̀yìn wá ni wọ́n ń kọ sókè báyìí, kì í ṣe ìgbà tí ètò ṣiṣẹ́. Tí ọjọ́ yẹn bá ti ju méjì lọ sẹ́yìn, gbogbo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á pọ́n. Ó fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ nítorí pé wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Ìsinmi. Lọ́dún Iléyá ó máa ń pọ́n láìnídìí, wọ́n sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ bá kú ńkọ́? Kò ní lè pọ́n. Nítorí náà, ètò náà ń fi ìkíni ránṣẹ́ sí Wáásáàpù wọn láràárọ̀, àárọ̀ tí wọn ò bá rí i ni wọ́n á lọ wò ó.

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ṣì ń ka iye ibà ọ̀sẹ̀ kan nínú rẹ́jísítà, á fi wé ti ojú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá fi méjì tàbí mẹ́ta yàtọ̀, kì í dà á láàmú, torí pé àwọn nọ́ọ̀sì kì í tètè tẹ ti alẹ́ Sátidé wọlé. Èyí tó ń ta á lólobó ni kí iye ọ̀sẹ̀ yìí bá ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá dọ́gba géérégé.